Ìgbàgbé nígbà tí nǹkan oṣù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀

*Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ ọdún 47 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba níbí l'Óṣogbo. Ó ti tó bí ọdún kan tí nǹkan oṣù mi ti ń ṣe ségesège, ooru ò sì jẹ́ kí n sùn lóru. Mo wá di onígbàgbé. Oníbàárà tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi tipẹ́ á dúró síwájú mi, orúkọ rẹ̀ ò ní wá sí mi lẹ́nu. Mo máa ń wọ yàrá, mi ò ní rántí ohun tí mo wá mú. Ìyá mi ṣarán kí wọ́n tó kú. Ṣé òun náà ló ń bọ̀ wá bá mi yìí? Ṣé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ni?*

Ẹ kú ọjà o, Ìyá wa. Ohun tí ẹ kọ yìí kò jọ arán lójú mi. Ó jọ ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ń lọ sópin, ó sì ti pẹ́ tí àwọn olùwádìí ti fi ìdánwò wọ̀n ọ́n, nítorí náà kì í ṣe èrò ọkàn yín lásán. Síbẹ̀, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Kì í ṣe nítorí arán ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló máa ń sá pamọ́ sábẹ́ ooru àti nǹkan oṣù ségesège, tí gbogbo wọn sì ṣeé wò sàn: ẹ̀jẹ̀ tó ti dín lára, oorun tó ń já, àti oògùn tí èèyàn ń dá lò kó lè sùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń lọ nínú ọpọlọ. Ní àwọn ọdún tó ṣáájú ìgbà tí nǹkan oṣù máa dá, àlàfo tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọjọ́ 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ síra, léraléra. Tó bá yá, ó lè tó ọjọ́ 60 kí èèyàn má rí i. Ìgbà tó bá pé oṣù 12 gbáko láìrí ẹ̀jẹ̀ kankan la tó lè sọ pé ó ti dá, èyí tó sì máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọdún 48 sí 50 fún ọ̀pọ̀ obìnrin ilẹ̀ wa. Láàárín ìgbà yìí, ẹstirójìn, ìyẹn họ́mọ́ònù obìnrin, kì í rọra wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó lè ga lónìí ju bó ṣe ga nígbà tí ẹ wà lọ́dún 30, kó sì já wálẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Apá ibi tí ọpọlọ fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ tuntun, àti apá iwájú orí tó ń jẹ́ ká lè di nǹkan méjì mú lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà, wà lára ibi tí ẹstirójìn ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Bó bá ń lọ sókè sódò bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ àwọn apá náà á falẹ̀ díẹ̀.

Ìwádìí tí mo máa ń tọ́ka sí jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní SWAN, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn obìnrin wọlé sí ní Amẹ́ríkà ní 1996. Ní 2009, Gail Greendale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ohun tí wọ́n rí lára obìnrin 2,362 jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀lé wọn fún ọdún 4. Wọ́n á ka ìtàn kúkúrú kan sí obìnrin létí, wọ́n á ní kó sọ ọ́ padà lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì tún bi í lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n tún máa ń fún un ní ìwé tó kún fún àmì, kó máa fi nọ́ńbà rọ́pò wọn, kí wọ́n lè mọ bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń yá tó. Ẹni tó bá ti ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ rí, ó yẹ kó mọ̀ ọ́n ṣe sí i nígbà kejì, nítorí ojú rẹ̀ ti mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí lára àwọn tí nǹkan oṣù wọn ṣì ń lọ geerege. Àmọ́ lára àwọn tó wà ní àárín méjì bíi tiyín, ìtẹ̀síwájú yẹn kò wá bó ṣe yẹ. Ẹ wò ó dáadáa: wọn kò já wálẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ohun tuntun ni kò tètè wọlé sí wọn lára. Nígbà tí wọ́n wá wo àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dá pátápátá, wọ́n rí i pé ìtẹ̀síwájú ti padà sípò.

Ohun tó mú mi máa fọkàn àwọn obìnrin balẹ̀ nìyẹn, torí pé arán kì í padà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣèlérí fún yín pé ó máa lọ lóṣù tó ń bọ̀. Ìwádìí mìíràn tí Miriam Weber ṣe ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn nǹkan oṣù tó kẹ́yìn gan-an lè jẹ́ ibi tó nira jù. Ẹ sì tún mọ̀ pé ìṣirò ọ̀pọ̀ èèyàn papọ̀ ni gbogbo èyí. Obìnrin kan lè má rí i rárá, ẹlòmíì á rí i débi pé ó ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ kíyè sí irú ìgbàgbé tiyín. Orúkọ oníbàárà kò sọnù. Ẹ máa rí i pé tó bá kúrò níwájú yín, tí ẹ ti ń ká aṣọ, orúkọ náà á kàn yọ lójijì. Ó dà bí ìgbà tí ọjà wà ní sítóò, ṣùgbọ́n tí ọmọ tó ń bá yín gbé e wá ń falẹ̀. Nínú arán, ọjà gan-an ni kò sí nílẹ̀ mọ́: ẹ sọ orúkọ náà fún un, ẹ ṣàpèjúwe ẹni náà, ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n jọ jẹun, kò ní mọ ohun tí ẹ ń sọ.

Ìdí rèé tí mo fi máa ń ṣe ìdánwò kékeré kan kí n tó kọ ìwé sí láàbù. Ẹ jẹ́ kí n fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ; mo ti yí ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀ padà. Alásè ni, ọmọ ọdún 46, tí wọ́n máa ń gbé iṣẹ́ òde ìnáwó fún. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló mú un wá. Ó ní ìyá òun fi ìkòkò sórí iná lẹ́ẹ̀mejì tó sì bá ibòmíì lọ, ó tún gba iṣẹ́ èèyàn méjì pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹbí ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé bóyá wọ́n fi nǹkan ṣe é.

Mo ka ìtàn ìlà mẹ́ta kan fún un nípa ìyá kan tó bọ́ọ̀sì já sílẹ̀ ní Ọlọ́ọ̀bà. Lójú ẹsẹ̀, ó rántí bí ìdajì. A bá ọ̀rọ̀ míì lọ, mo sì tún bi í. Ohun díẹ̀ ló kù lẹ́nu rẹ̀. Mo wá ń ta á lólobó: "Kí ni ìyá náà gbé lọ́wọ́?" "Ta ló ràn án lọ́wọ́?" Kíá ni ìyókù ń jáde. Ó mọ ọjọ́ tí a wà, ó ṣe ìṣirò ìrẹsì àti ẹran fún igba ènìyàn fún mi láìfọwọ́ kan ìwé. Ó ti hàn sí mi pé nǹkan wà ní sítóò.

Ìgbà náà ni mo wá béèrè bí nǹkan oṣù ṣe ń rí. Ó ní nígbà míì ó máa ń wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, nígbà míì ọ̀sẹ̀ 7, tó bá sì ti dé, á lo ọjọ́ 9. Ẹ̀jẹ̀ dídì ń jáde, ó sì ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Àyà rẹ̀ ń já bó bá gun àtẹ̀gùn. Ó wá ń wù ú láti máa jẹ yìnyín, èyí tí kò ṣe rí. Lóru, ooru á jí i ní bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, bí iná ọba bá sì lọ tí fáànù dúró, oorun parí nìyẹn. Nítorí náà, ọmọbìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì ní kó máa lo Píritọ́ọ̀nù méjì lálẹ́. Ó ti lò ó fún oṣù 5.

Mo ní kó lọ yẹ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ láàbù ń pè ní pí-sí-fíì. Ti obìnrin tó lera máa ń wà ní nǹkan bí 36 sókè. Tirẹ̀ jẹ́ 23. Ara tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti wálẹ̀ tó báyìí, tí áyọ́ọ̀nù, ìyẹn èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, sì ti tán nínú rẹ̀, kò lè fi ọkàn sí nǹkan kan pẹ́. Èyí tó burú ni pé nǹkan oṣù tó ń lọ sópin ló ń fa ẹ̀jẹ̀ náà dànù, ó sì rọrùn kí obìnrin sọ pé "àsìkò ló fà á" kó má lọ síbì kankan.

Píritọ́ọ̀nù ni ìkejì. Oògùn òtútù àti ara yíyún ni, ṣùgbọ́n ó tún ń dí kẹ́míkà kan lọ́wọ́, ìyẹn èyí tí ọpọlọ ń lò láti fi nǹkan tuntun pamọ́, kì í sì í tán lára kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ ń gbé e kiri lọ sí ọjà ni. Fẹ́nágàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn orí fífọ́ àti oorun tí wọ́n ń pè ní amitiriptilíìnì. Fálíọ̀mù àti Lẹksótáànù ń gba ọ̀nà míì ba ìrántí jẹ́, àwọn méjì yìí sì wà lára èyí tí èèyàn kò gbọ́dọ̀ dá dúró lójijì bó bá ti ń lò ó pẹ́. Kí dókítà bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀ ni.

A ya fọ́tò inú fún alásè yìí, a rí ìju kékeré méjì. Ní ọjọ́ orí rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó sì ń wá ségesège, a tún mú díẹ̀ lára awọ inú ilé ọmọ lọ yẹ̀ wò, kí a lè mọ̀ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í ṣe òun. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù kù, tí yóò máa lò ní àwọn ọjọ́ tó bá ń rí i nìkan, àti fẹsoléètì kan lójúmọ́, tí yóò fi omi ọsàn mu, tí kò sì ní mu tíì sí i. Ó jáwọ́ nínú Píritọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti di 35. Kò gbàgbé ìkòkò sórí iná mọ́, àyà rẹ̀ kò já mọ́. Àmọ́ ó ṣì máa ń wá orúkọ èèyàn kiri, ó sì ṣì ń kọ gbogbo iṣẹ́ òde sínú ìwé. Èyí tó kù yẹn ni mo gbà pé ó jẹ́ ti ẹstirójìn.

Nípa oorun, ìwádìí kékeré kan wà tí mo fẹ́ràn. Ní 2008, Pauline Maki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so ẹ̀rọ mọ́ àyà àwọn obìnrin, kó máa ka iye ìgbà tí ooru bá dé sí wọn, kí wọ́n má gbára lé ohun tí wọ́n fẹnu sọ nìkan. Iye tí ẹ̀rọ kà ló bá ìrántí wọn mu, kì í ṣe iye tí àwọn fúnra wọn rò. Bí ooru náà ṣe pọ̀ tó, pàápàá ti òru, bẹ́ẹ̀ ni ìrántí ọ̀rọ̀ wọn ṣe ń dín kù. Èyí wúlò fún yín, torí pé ooru lóru ní ìtọ́jú. Bí ẹ bá ń hanrun gidigidi tí ẹ sì ń jí bí ẹni tí nǹkan fún lọ́rùn, ẹ sọ ìyẹn náà, nítorí ìṣòro mímí lójú oorun máa ń pọ̀ sí i ní ọjọ́ orí yín, ó sì ń ba ìrántí jẹ́.

Àwọn àyẹ̀wò tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò pọ̀: ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá, ṣúgà, àti ti tairọ́ọ̀dù, ẹṣẹ́ ọ̀fun tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ. Bí tairọ́ọ̀dù bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ìgbàgbé, ara wíwúwo àti nǹkan oṣù ségesège ló máa ń fà, ẹ lè máa pè é ní ọjọ́ orí fún ọdún mẹ́ta. Mo máa ń fi àyẹ̀wò kòkòrò HIV kún un fún ẹni tí kò tíì ṣe é rí. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Asúbíaró tàbí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lẹ lè gbà lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán yín lọ ya fọ́tò ọpọlọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ bí kò bá sí ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí. Bí ọkàn yín bá sì ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tí nǹkan kan kò wù yín mọ́, ẹ má fi bò fún dókítà. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń jọ ìgbàgbé.

Ní ti ìyá yín, ẹ kò sọ ọjọ́ orí tó bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ọdún 70, kò sọ ohunkóhun nípa ìgbàgbé tiyín ní 47. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí lára wọn dáadáa: láti 1992 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun, Adesola Ogunniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn àgbàlagbà ọmọ ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn, n'Íbàdàn. Àbájáde wọn ní 2001 ni pé nínú 1,000 àgbàlagbà, bí 13 tàbí 14 ló ń bẹ̀rẹ̀ arán lọ́dún kan; láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, ó tó 32. Lára àwọn tó ti lé ní 65 nìyẹn o. Ní ìsàlẹ̀ 50, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi. Ṣùgbọ́n bí ti ìyá yín bá bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pé 60, tàbí tí ọ̀kan nínú àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n wọn náà rí i ní kékeré, ẹ sọ fún dókítà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí pé irú ìyẹn lè máa rìn nínú ẹbí.

Ohun tó máa mú mi yára nìyí. Bí ẹ bá ṣìnà láti Ọjà Ọba dé ilé, ọ̀nà tí ẹ ti ń rìn láti ọdún pípẹ́. Bí ẹ bá ń béèrè ìbéèrè kan náà léraléra láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ kò sì mọ̀ pé ẹ ti béèrè. Bí ṣíṣẹ́ owó fún oníbàárà bá ti di ìṣòro, tàbí tí ẹ bá gbàgbé pé ẹ lọ sí òde kan pátápátá, tí ẹ kò rántí kódà nígbà tí wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ hàn yín. Bí àwọn ará ilé bá ń ráhùn jù yín lọ, tí ẹ̀yin fúnra yín kò rí nǹkan kan. Bí ìwà bá yí padà, tàbí tó ń burú sí i láti oṣù dé oṣù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò dókítà ọpọlọ àti fọ́tò ọpọlọ. Mo fi ẹni tí wọ́n gé ibi tó ń pèsè ẹyin rẹ̀ méjèèjì kúrò kí nǹkan oṣù tó dá fúnra rẹ̀ kún un pé kó wá, nítorí ẹstirójìn tirẹ̀ já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀.

Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ lọ bí ìdàrú ọkàn bá dé láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, bí ẹnu bá wọ́, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu, bí ibà bá wà pẹ̀lú rẹ̀, tàbí tí gìrì bá mú yín. Ẹ rántí ìjàǹbá ọ̀kadà pẹ̀lú. Ẹni tó bá jábọ́, tó fi orí gbálẹ̀, tó sì dìde bí ẹni pé kò ṣe é ní nǹkan kan, ẹ̀jẹ̀ lè máa rọra pé jọ sí i lórí fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí ìgbàgbé àti orí fífọ́ tó hàn.

Àwọn kan ti lè máa sọ fún yín pé kí ẹ lo họ́mọ́ònù fún ọpọlọ. Ìwádìí ńlá kan ní 2003, lára àwọn obìnrin tó lé ní 4,500 tí wọ́n ti pé 65 sókè, rí i pé irú họ́mọ́ònù tí wọ́n lò sọ ewu arán di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ìyẹn kì í ṣe ọjọ́ orí yín. Nígbà tí wọ́n fún àwọn tí nǹkan oṣù wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní họ́mọ́ònù fún ọdún 4, àbájáde tó jáde ní 2015 ni pé kò pa ìrántí wọn lára, kò sì tún un ṣe. Nítorí náà, bí ooru bá ń pa yín lóru, ẹ bá dókítà sọ ọ́, họ́mọ́ònù lè ṣe yín láǹfààní púpọ̀ bí ìfúnpá àti ọmú yín bá gbà á. Ẹ kàn má lò ó nítorí orúkọ oníbàárà. Ìsọ̀yè tí wọ́n ń tà nínú ìgò ńkọ́? Mi ò rí ìwádìí kankan tó fi hàn pé ó mú irú ìgbàgbé yìí lọ, ọtí tí wọ́n sì ń fi pò púpọ̀ nínú wọn á tún ba oorun yín jẹ́ sí i.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ gbèsè sílẹ̀ kí oníbàárà tó gbé ẹsẹ̀ kúrò, kì í ṣe lálẹ́ nígbà tí ẹ bá délé. Bí ẹ bá ń wọn aṣọ, ẹ má gba fóònù pọ̀ mọ́ ọn. Ibi tí ọpọlọ ti ń ṣe nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan ló kọ́kọ́ ń falẹ̀. Bí ẹ bá sì ń lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú àpò kan, títí kan ti kẹ́mísìtì àti àgbo, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù mẹ́fà tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Ẹ tún kọ èyí sínú ìwé náà kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ iwájú: bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ lẹ́yìn tó ti pé oṣù 12 tí ẹ kò rí i, ì báà jẹ́ ẹ̀kán kan ṣoṣo, ẹ padà wá.